Jọ́nà Wo Ló Yẹ Iṣẹ́ Yìí?

Àbúrò wa kan tó ń ṣe olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ wọlé tọ̀ mí wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ímeèlì kan ló fẹ́ kí n bá òun kà. Ẹni tó kọ ọ́ kí i títí, ó ní àwọn ti ka iṣẹ́ rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, ó sì wú àwọn lórí. Ó ní kó fi èyí tó bá ní lọ́wọ́ ránṣẹ́ sí jọ́nà àwọn kó tó di ọjọ́ Jímọ̀, pé láàárín ọjọ́ márùn-ún yóò ti jáde, pé jọ́nà náà wà nínú ìwé orúkọ jọ́nà tí wọ́n ń pè ní Scopus, àti pé 180 dọ́là péré ni owó rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi ránṣẹ́?" ló bi mí. "Ẹ mọ̀ pé ìgbéga mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Èmi náà ti gba irú ímeèlì bẹ́ẹ̀ rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, mo sì san owó náà. Iṣẹ́ tí mo fi ọdún kan àbọ̀ ṣe jáde ní ọjọ́ kẹfà, láìsí ẹnì kan tó bi mí ní ìbéèrè ẹyọ kan. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìgbéga jókòó, wọ́n wá jọ́nà náà níbi tó ní òun wà, wọn ò bá a níbẹ̀, wọ́n sì fa ìlà lé iṣẹ́ náà lórí. Èyí tó dùn mí jù ni pé n kò lè gbé e lọ síbòmíràn mọ́. Kò sí jọ́nà gidi tó máa gba iṣẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ jáde níbì kan, ìbáà ṣe ibi tí kò dáa ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Mo ní kó jókòó. Nínú ímeèlì yẹn, ohun mẹ́rin ni jọ́nà náà ti sọ nípa ara rẹ̀: irú iṣẹ́ tó ń gbà, ibi tí orúkọ rẹ̀ wà, bó ṣe ń yá tó, àti iye tó ń gbà. Ohun mẹ́rin yẹn náà ni ẹnikẹ́ni tó bá ń yan jọ́nà gbọ́dọ̀ mọ̀. Àmọ́ kò sí ọ̀kan nínú wọn tó yẹ kéèyàn gbà láti ẹnu jọ́nà fúnra rẹ̀, nítorí pé a lè rí gbogbo wọn níbòmíràn, lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ọ̀sán kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tó ní lọ́wọ́. Ó ra ẹ̀pà yíyan àti kúlíkúlí lọ́jà mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́: Bódìjà n'Íbàdàn, Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́, àti Wàásò l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 96, ìdì 32 láti ọjà kọ̀ọ̀kan. Ó gbé wọn lọ sí láàbù, ó sì wọn afilatọ́sìn inú wọn. Afilatọ́sìn ni oró tí èbu máa ń mú jáde lára ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa kí wọ́n tó kó o pamọ́. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹ̀pà tí èèyàn máa jẹ bó ṣe wà kò gbọ́dọ̀ ní ju máíkírógíráàmù 4 lọ nínú kílò kan. Àbúrò mi fẹ́ mọ mélòó nínú 96 yẹn ló kọjá ààlà. Iṣẹ́ náà mọ́ lójú, ó sì wúlò. Ibi tó máa gbé e lọ ni kò mọ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kókó ọ̀rọ̀ ló ń yan jọ́nà: bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti oúnjẹ, kí wọ́n wá jọ́nà oúnjẹ. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ìbéèrè tí iṣẹ́ náà dáhùn ló ń yan jọ́nà. Mo bi í pé, "Kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an?" Ó ní, "Bóyá ẹ̀pà ọjà wa ní oró, àti bó ṣe pọ̀ tó." Ìbéèrè pé "báwo ló ṣe wà lọ́jà" nìyẹn. Bó bá ti dán ọ̀nà tuntun tí a fi ń sá ẹ̀pà wò ni, ìbéèrè rẹ̀ á jẹ́ "báwo la ṣe lè dín in kù." Bó bá ti ṣe ọ̀nà tuntun láti fi wọn oró náà ni, ìyẹn tún yàtọ̀. Ẹ̀pà kan náà ni, oró kan náà ni, jọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa lọ.

Àpẹẹrẹ tó dáa jù tí mo mọ̀ nípa èyí ni *Food Additives & Contaminants*. Jọ́nà kan ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti 2008 wọ́n ti pín in sí méjì. Part A ń gba iṣẹ́ nípa kẹ́mísírì, ọ̀nà ìwọ̀n, ìdènà, àti iye oró tí ara èèyàn ń gbà. Part B ní orúkọ kejì, *Surveillance*, ìyẹn ìṣọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tẹ àbájáde irú ìwọ̀n tí àbúrò mi ṣe. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ìṣọ́ lọ sí Part A lè rí i kí olóòtú dá a padà láàárín ọjọ́ mélòó kan láì tilẹ̀ fi han olùyẹ̀wò kankan. Iṣẹ́ náà lè máà ní àbùkù kankan. Ilẹ̀kùn tó kàn kì í ṣe tirẹ̀ ni.

Báwo lèèyàn ṣe ń dé ìdí orúkọ bẹ́ẹ̀? Má ṣe bẹ̀rẹ̀ lórí Google. Ìwé ìtọ́kasí tìrẹ, tó wà ní ìparí iṣẹ́ rẹ, ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Àbúrò mi ní ìtọ́kasí 41. Mo ní kó mú bírò, kó kọ orúkọ jọ́nà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kó sì ka iye ìgbà tó hàn. Nígbà tó ṣe tán, jọ́nà mẹ́rin ló fara hàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ, Part A àti Part B sì wà lára wọn. Ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́ kò le: àwọn tí iṣẹ́ rẹ ń bá sọ̀rọ̀ ti ń pàdé níbì kan tẹ́lẹ̀. Bí o bá wá yan jọ́nà tí o kò tọ́ka sí rárá nínú iṣẹ́ rẹ, olóòtú náà á béèrè ìdí tí o fi wá.

Lẹ́yìn náà ni kí o ka ojú ìwé tí wọ́n kọ "Aims and scope" sí. Ibi tí wọ́n ti sọ ohun tí àwọn kì í gbà ni kí o wò jù. Jọ́nà kì í pọ́n ara rẹ̀ níbẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa dá iṣẹ́ padà ló jẹ́ kó kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ńlá nínú ìmọ̀ oúnjẹ ló ń kọ ọ́ pé àwọn kò gba iṣẹ́ tó kan ìlú kan ṣoṣo tí kò sì ní ẹ̀kọ́ fún ẹni tó wà níbòmíràn. Fún iṣẹ́ ọjà mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gbólóhùn yẹn lè pa ìrètí mẹ́ta nínú mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó sì sàn kó pa á lónìí ju kó pa á lẹ́yìn oṣù méjì lọ.

Níkẹyìn, ka àkọlé gbogbo iṣẹ́ tí jọ́nà náà tẹ̀ láàárín ọdún méjì sẹ́yìn. Bí kò bá sí èyí tó jọ tìrẹ rárá, má ṣe sọ pé, "Àyè ṣí sílẹ̀ nìyẹn." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé wọn kì í gbà á ni. Àbúrò mi rí iṣẹ́ nípa ẹ̀pà, nípa ata, nípa wàrà láti oríṣiríṣi ìlú nínú Part B. Ara rẹ̀ balẹ̀.

Jọ́nà inú ímeèlì yẹn ńkọ́? A ṣí ojú òpó rẹ̀. Nínú ìdìpọ̀ kan ṣoṣo, a rí iṣẹ́ nípa ìtọ́jú aláìsàn, nípa afárá kọnkéré, nípa ẹ̀sìn, àti nípa ẹja. Kí n má ṣe parọ́ o, jọ́nà gidi kan lè gbòòrò. *PLOS ONE* ń gba iṣẹ́ láti gbogbo ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì, kò sì sí ẹni tó máa pe ìyẹn ní gbájú-ẹ̀. Torí náà, gbígbòòrò nìkan kọ́ ni ẹ̀rí. Ohun tó yẹ kó kọ ọ́ lóminú ni kí olóòtú kan ṣoṣo, tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, máa darí afárá àti àdúrà pọ̀.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ "ó wà nínú Scopus." Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣàlàyé èyí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá.

Scopus àti Web of Science jẹ́ ìwé orúkọ ńlá méjì tí àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń tọ́jú. Elsevier ló ni Scopus, Clarivate ló ni Web of Science. Kí wọ́n tó kọ jọ́nà kan sínú wọn, wọ́n máa ń yẹ̀ ẹ́ wò: ṣé ó ń jáde lákòókò, ṣé àyẹ̀wò gidi wà, ta ni àwọn olóòtú. Wọ́n tún lè yọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n ìgbéga. Google Scholar kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń kó ohun tó bá ti rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó jọ iṣẹ́ ìwádìí. Jọ́nà tó bá fi "indexed in Google Scholar" yangàn dà bí ẹni tó ń yangàn pé ilé òun ní nọ́ńbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ISSN, nọ́ńbà jọ́nà, àti DOI, nọ́ńbà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni wọ́n, wọn kò sọ nǹkan kan nípa bí iṣẹ́ ṣe dáa tó.

Ó ku PubMed, àkójọ iṣẹ́ ìwádìí nípa ìlera, tó máa ń rú àwọn oníṣègùn lójú. Iṣẹ́ ẹyọ kan lè hàn nínú PubMed torí pé àjọ tó fowó sí ìwádìí náà ní kí wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ sínú PubMed Central. Jọ́nà tó tẹ̀ ẹ́ lè máà tíì wà nínú MEDLINE rárá, níbi tí wọ́n ti ń ṣa jọ́nà yàn, síbẹ̀ yóò kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀ pé "a wà nínú PubMed." Òtítọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan ni.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ ti Scopus wò nìyí. Lọ sí scopus.com/sources. O kò nílò láti san owó. Yan ISSN níbi ìwádìí, kí o sì tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Má ṣe fi orúkọ wá a. Orúkọ jọ́nà jọ ara wọn bí ìbejì, àwọn kan sì mọ̀ọ́mọ̀ sọ tiwọn lórúkọ tó jọ ti ẹni ńlá. Bí ojú ìwé náà bá ṣí, wo ohun mẹ́ta: orúkọ jọ́nà àti ti ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, bóyá wọ́n bá èyí tó kọ̀wé sí ọ mu; ẹ̀ka ìmọ̀ tí wọ́n kọ ọ́ sí; àti àwọn ọdún tí Scopus fi ń gba iṣẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ohun kẹta yẹn ló tú àṣírí jọ́nà tó kọ̀wé sí àbúrò mi. A tẹ ISSN rẹ̀, ó sì jáde lóòótọ́. Ojú àbúrò mi tàn. Mo ní kó ka ìlà tó wà lábẹ́ orúkọ náà. Ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á wà níbẹ̀, ọdún tó parí náà wà níbẹ̀, ó sì ti pẹ́ sẹ́yìn, níwájú rẹ̀ ni wọ́n kọ "coverage discontinued in Scopus." Wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn iṣẹ́ àtijọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń hàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó bá jáde lónìí kò ní wọlé. Àwọn tó kọ ímeèlì náà kò parọ́ tán; ṣe ni wọ́n gbé ọjọ́ àná wọ̀ bí aṣọ òní.

Ti Web of Science, mjl.clarivate.com ni ibi tí o máa lọ, ISSN náà ni o máa tẹ̀. Web of Science pín sí àkójọ mélòó kan, ojú ìwé náà á sì fi èyí tí jọ́nà náà wà hàn. Kí o tó yọ̀, ka ohun tí yunifásítì rẹ kọ sínú ìlànà ìgbéga rẹ̀, torí pé àwọn kan ń gba ESCI, àkójọ àwọn jọ́nà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, àwọn kan kò sì gbà á.

Irú ìjìbìtì kan tún wà tí ISSN nìkan kò lè dènà. Àwọn kan máa ń mú orúkọ àti ISSN jọ́nà gidi, wọ́n á fi kọ́ ojú òpó ayédèrú, wọ́n á sì máa gbowó níbẹ̀. Bí o bá yẹ nọ́ńbà náà wò, gbogbo rẹ̀ máa bá ara mu, torí pé nọ́ńbà olóòótọ́ ni. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí o dé ojú òpó jọ́nà láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, má ṣe tẹ ìlà inú ímeèlì. Retraction Watch náà ní àkójọ irú àwọn jọ́nà tí wọ́n ti jí lórúkọ bẹ́ẹ̀, "Hijacked Journal Checker," ẹnikẹ́ni ló lè ṣí i.

Ní báyìí, ìyára. "Ìdáhùn àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ 5" wà lójú òpó ọ̀pọ̀ jọ́nà gidi, wọn kò sì parọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré wò ó. Ká ní iṣẹ́ 100 wọlé sí jọ́nà kan. Olóòtú dá 70 padà lẹ́yìn ọjọ́ 5 péré, torí wọn kò bá iṣẹ́ jọ́nà náà mu. Ó fi 30 tó kù ránṣẹ́ sí àwọn olùyẹ̀wò, ìyẹn gba ọjọ́ 80. Bí o bá to gbogbo 100 sórí ìlà, èyí tó bọ́ sí àárín gbùngbùn jẹ́ ti ọjọ́ 5. Bí o bá pín gbogbo ọjọ́ náà dọ́gba, ó jẹ́ 27 àbọ̀. Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ bá dé ọwọ́ olùyẹ̀wò, ọjọ́ 80 lo máa dúró. Nọ́ńbà mẹ́ta, jọ́nà kan náà. Bí jọ́nà bá ṣe ń dá iṣẹ́ padà lọ́pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà ìdáhùn àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe ń rẹwà tó.

Ohun tó dára ju ìyẹn lọ wà lójú ìwé àkọ́kọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí jọ́nà tẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, "Received," ọjọ́ tí òǹkọ̀wé fi èyí tó ti tún ṣe ránṣẹ́, "Revised," àti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i, "Accepted." Mú iṣẹ́ mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ka ọjọ́ láti "Received" dé "Accepted" fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì tò wọ́n láti kékeré dé ńlá. Ká ní o rí 64, 88, 97, 110, 121, 139, 150, 166, 203 àti 291. Méjì tó wà láàárín ni 121 àti 139. Bí o bá pín wọn dọ́gba, ọjọ́ 130 ni, oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀. Wo 291 náà pẹ̀lú, torí pé bó ṣe lè pẹ́ tó nìyẹn bí olùyẹ̀wò kejì bá sá lọ. Ẹni tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ máa jókòó lóṣù mẹ́ta sí i kò gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí jọ́nà yẹn fún ìgbéga ọdún yìí, bó ti wù kó dára tó.

Ọ̀nà yìí ní àléébù méjì tó yẹ kí o fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́, àwọn tó jáde nìkan lo ń kà. Àwọn tó dúró oṣù méje kí wọ́n tó dá wọn padà kò sí nínú kíkà rẹ. Ìkejì, àwọn olóòtú kan máa ń "dá iṣẹ́ padà kó lè tún padà wá," kí wọ́n tó gbà á bí iṣẹ́ tuntun. Ọjọ́ "Received" tuntun lo máa rí, gbogbo oṣù tó ti kọjá á sì ti pòórá. Bí o bá rí jọ́nà tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ gba ọjọ́ 40 péré, tí o sì gbọ́ láti ẹnu àwọn tó ti tẹ̀ síbẹ̀ pé àwọn dúró ọdún kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ lè jẹ́ èyí.

Ọjọ́ 5 láti ìfiránṣẹ́ dé ìtẹ̀jáde ńkọ́, bíi ti ímeèlì wa? Wo iṣẹ́ tí ìyẹn máa gbà. Olóòtú gbọ́dọ̀ kà á, kó wá ẹni méjì tó mọ afilatọ́sìn, kí wọ́n gbà láti ṣe é láìgbowó, kí wọ́n kà á, kí wọ́n kọ ìbéèrè, kí ìwọ dáhùn, kí wọ́n tún wo ìdáhùn rẹ. Ẹnikẹ́ni tó mọ bí olùkọ́ ṣe ń wá àyè láti sùn mọ̀ pé gbogbo ìyẹn kì í tán lọ́jọ́ 5. Àyẹ̀wò kò sí níbẹ̀ ni. Ní 2013, akọ̀ròyìn John Bohannon fi iṣẹ́ irọ́ kan tó ní àṣìṣe gbangba ránṣẹ́ sí jọ́nà 304 tó ń gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ìwé ìròyìn *Science* tẹ àbájáde rẹ̀: 157 ló gbà á.

Ó wá ku owó, èyí tí àbúrò mi ń bẹ̀rù jù, tó sì jẹ́ pé òun ni kò yẹ kó bẹ̀rù. Ó rò pé jọ́nà gidi ni èyí tó ń gba ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là, àti pé 180 dọ́là ni ti tálákà. Mo ní kó gbọ́ bí owó náà ṣe ń rìn.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ sanwó iṣẹ́ jọ́nà. Nínú àwọn kan, òǹkàwé àti ilé ìkàwé ló ń san án, òǹkọ̀wé kì í san nǹkan kan. Nínú àwọn mìíràn, gbogbo ayé ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, òǹkọ̀wé ló ń san án. Irú kẹta ni ọlọ́nà méjì: ó wà fún àwọn tó ti san àsansílẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kí tìrẹ ṣí fún gbogbo ayé, o lè sanwó. Owó ìṣísílẹ̀ yìí ló máa ń ga tó ń dẹ́rù bani. Nígbà tí *Nature* bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní 2021, 9,500 yúrò ni. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé nínú jọ́nà ọlọ́nà méjì, kò sí ẹni tó fi tipátipá ní kí o ṣí i. Bí wọ́n bá béèrè lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i, o kàn máa yan ọ̀nà àsansílẹ̀, iye tó máa ná ọ ni òdo. Part B tí à ń wí yìí jẹ́ ọlọ́nà méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jọ́nà àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ti pẹ́.

"Ṣùgbọ́n nígbà náà àwọn èèyàn wa kò ní lè kà á," ló sọ. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe òótọ́ tán. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé gbà kí o fi ẹ̀dà tí olóòtú ti fọwọ́ sí, tí wọn kò tíì tò sójú ìwé, sínú àkójọ yunifásítì rẹ, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Bí o bá tẹ orúkọ jọ́nà náà sínú Open Policy Finder, tí wọ́n ń pè ní Sherpa Romeo tẹ́lẹ̀, wàá rí ẹ̀dà tí wọ́n gbà, ibi tí o lè fi sí, àti ìgbà tó yẹ kí o dúró dé.

Bó bá jẹ́ jọ́nà kíkà-ọ̀fẹ́ pátápátá lo fẹ́, kọ́kọ́ wo DOAJ, ìwé orúkọ àwọn jọ́nà kíkà-ọ̀fẹ́, ní doaj.org. O lè sọ fún un pé kó fi àwọn tí kì í gbowó rárá nìkan hàn ọ́, wọ́n sì pọ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Fún àwọn tó ń gbowó, béèrè ìdínkù. Springer Nature, fún àpẹẹrẹ, máa ń yọ gbogbo owó fún òǹkọ̀wé tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí Báńkì Àgbáyé kà sí aláìní jù, bíi Tógò, ó sì ń yọ ìdajì fún àwọn kan ní ìpele tó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn jọ́nà rẹ̀ tó jẹ́ kíkà-ọ̀fẹ́ pátápátá ni èyí wà fún. Ìgbà tí o bá ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni kí o béèrè. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò ní dá ọ lóhùn mọ́ bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà tí wọ́n sì ti kọ ìwé owó.

Ẹni tó ní alábàáṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Mánṣẹ́sítà gbọ́dọ̀ ronú síbí yìí. Orílẹ̀-èdè òǹkọ̀wé tí wọ́n ń bá kọ̀wé ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń wò. Bí ẹni tó wà ní Bìrìtìkó bá jẹ́ ẹni yẹn, ìdínkù tí ẹni tó wà ní Nàìjíríà ì bá rí gbà lè bọ́ lọ. Lọ́wọ́ kejì, ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe àdéhùn tó ń san owó ìṣísílẹ̀ fún òǹkọ̀wé tiwọn. Torí náà, kí ẹ tó pín iṣẹ́, ẹ ní kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún lọ béèrè ní ilé ìkàwé wọn bóyá jọ́nà náà wà nínú àdéhùn. Mo mọ àwọn tó san owó láti inú àpò tí ì bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́ nítorí orúkọ ẹni tó wà níwájú ímeèlì. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà jù ló yẹ kó wà níbẹ̀ o; àmọ́ bí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣe é bákan náà, owó lè pinnu.

Jọ́nà 180 dọ́là yẹn? Ó fẹ́ kí wọ́n san án sínú àkáǹtì ẹnì kan kí wọ́n tó "yẹ iṣẹ́ wò." Àwọn jọ́nà gidi kan máa ń gba owó ìfiránṣẹ́, nítorí náà ìyẹn nìkan kò tó láti dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ ọ́ sójú òpó, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni àkáǹtì sì máa ń jẹ́. Tún mọ̀ pé bí o bá fẹ́ mú iṣẹ́ rẹ kúrò lọ́wọ́ irú wọn, ọ̀pọ̀ máa ní kí o san "owó ìyọkúrò." Má san án. Kọ ímeèlì sí wọn pé o yọ iṣẹ́ rẹ, pé o kò fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ kankan, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Bí àbúrò mi ṣe parí rẹ̀ nìyí. Nínú jọ́nà mẹ́rin tó wà lórí ìwé rẹ̀, Part A jábọ́ nítorí kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìṣọ́, òmíràn sì jábọ́ nítorí kì í gba iṣẹ́ ìlú kan ṣoṣo. Ó ku Part B àti *African Journal of Food, Agriculture, Nutrition and Development*, tó jẹ́ kíkà-ọ̀fẹ́, tí àwọn tó ń ṣètò oúnjẹ ní Áfíríkà sì ń kà. Ó fi ISSN wo àwọn méjèèjì, ó ka ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ iye owó sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó mú Part B ṣe àkọ́kọ́, ó fi èkejì ṣe ibi tó máa lọ bí wọ́n bá dá a padà. Mo kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, torí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn lójú olóòtú. Bí wọ́n bá mọ̀, méjèèjì ló máa dá a padà.

Kó tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, mo ní kó tún apá tó ṣàlàyé bó ṣe wọn oró náà kọ. Nínú jọ́nà ìṣọ́, ibẹ̀ ni olùyẹ̀wò máa kọ́kọ́ wò: iye tó kéré jù tí ẹ̀rọ rẹ̀ lè rí, àti ìdá mélòó ló rí gbà padà nínú oró tó mọ̀ọ́mọ̀ fi sínú ẹ̀pà tí kò ní oró. Ó ní àwọn nọ́ńbà náà nínú ìwé láàbù, kò kàn kọ wọ́n sínú iṣẹ́ ni. Ó lọ, ó sì padà wá ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìwé tuntun tó fi ìpínrọ̀ méjì gùn sí i. Ímeèlì àwọn onígbájú-ẹ̀ ti tún dé lálẹ́ àná, ló wí. Owó ti wálẹ̀ sí 120 dọ́là.